Iná Mọ́ọ̀lù Ń Tàn Yanran, Ojú Títì Ṣókùnkùn: Ta Ló Ń Gba Owó Ìmọ́lẹ̀ Náà?

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni, aago mẹ́jọ ti kọjá díẹ̀, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo dúró sí abẹ́ òrùlé iwájú mọ́ọ̀lù kan ní Ìkejà, mò ń retí ọkọ̀ tí mo pè lórí fóònù. Pátákó orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù ń tàn ní pupa, funfun àti àwọ̀ omi aró. Gbogbo àwọ̀ yẹn tún wà nílẹ̀, lórí ọ̀dà tó tutù, bí ìgbà tí ẹnìkan da epo sójú omi. Iná iwájú ọkọ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Àwọn ọ̀dọ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti yọ fóònù, wọ́n ń ya fọ́tò.

Obìnrin kan jáde láti inú mọ́ọ̀lù náà, ó di ọ̀rá mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́ òsì. Ó fẹ́ sọdá lọ wọ dánfó ní òdìkejì. Omi ti kún etí títì, nítorí náà ó rìn wọ inú títì díẹ̀ kí ó tó dúró wò. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ti já dé. Bíréèkì ké, táyà yọ̀, gbogbo wa pariwo. Ọkọ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n kò tó ìwọ̀n apá kan tó kù láàárín rẹ̀ àti ọmọ yẹn.

Awakọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. "Màmá, ẹ má bínú. Mi ò rí yín rárá. Iná tó wà níwájú yẹn nìkan ni mo ń rí."

Obìnrin náà ń gbọ̀n. "O ò rí mi kẹ̀? Èmi tí mo dúró sábẹ́ iná tó tó báyìí?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹjọ́. Àwọn kan ní awakọ̀ ni kò fara balẹ̀, àwọn kan ní obìnrin náà ni kò wo ọ̀tún wo òsì. Èmi gbà pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Obìnrin náà wà níwájú iná lóòótọ́. Awakọ̀ náà kò sì rí i lóòótọ́. Bí òótọ́ méjì yìí ṣe lè wà ní ojú títì kan náà ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀wò, nítorí tí ẹ bá tú u wò, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ awakọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ owó àti òfin wà nínú rẹ̀.

Ìdí tí ojú títì tó tutù fi ń tan ojú jẹ

Nígbà tí títì bá gbẹ, ojú ọ̀dà rí págunpàgun. Tí iná ọkọ̀ bá bà á, ìmọ́lẹ̀ náà á fọ́n ká sí ọ̀nà gbogbo, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì padà sọ́dọ̀ awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ojú ọ̀nà níwájú yín lálẹ́. Tí òjò bá ti rọ̀, omi á dí gbogbo ihò kéékèèké ojú ọ̀dà náà, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bíi dígí. Dígí kì í fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ṣe ló ń ta á síwájú. Ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ yín á sá lọ síwájú, kò ní padà wá bá yín, ojú ọ̀nà á sì dúdú bí èédú.

Ṣùgbọ́n àwọn ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú, ìyẹn pátákó mọ́ọ̀lù àti iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì, dígí yẹn kan náà ló ń ta tiwọn tààrà sí ojú yín. Ohun tó yẹ kí ẹ rí ti ṣókùnkùn, ohun tí kò yẹ kí ẹ máa wò sì ti di ìlọ́po méjì: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nílẹ̀. Ìlà funfun tí wọ́n fà sójú títì náà á pòórá, nítorí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ dígí kéékèèké tí wọ́n pò mọ́ ọ̀dà rẹ̀, tó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà fún awakọ̀, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa tí omi bá bò wọ́n.

Ibi tí obìnrin yẹn ti ṣe àṣìṣe nìyí, àṣìṣe tí gbogbo wa sì ń ṣe. A máa ń rò pé tí ìmọ́lẹ̀ bá wà nítòsí wa, àwọn ẹlòmíì ń rí wa. Iná pátákó kì í ṣe iná tí a fi ń ríran, iná tí a ń wò ni. Ojú awakọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí ó lè ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Kì í bọ́ sára ẹni tó fẹ́ sọdá. Iná ojú pópó ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ó wà lórí òpó gíga, ó ń da ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, a kì í sì í tẹjú mọ́ ọn. Ní ibi tí wọ́n ti ń sọdá, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í ri òpó mọ́ orí ibi ìsọdá gan-an. Wọ́n á rì í síwájú díẹ̀, ní apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí iwájú ara ẹni tó ń sọdá, ìyẹn ìhà tí awakọ̀ máa rí.

Ní iwájú mọ́ọ̀lù tí mò ń sọ yìí, òpó iná ojú pópó wà o. Mo kà wọ́n. Mẹ́fà ni mo lè rí láti ibi tí mo dúró sí. Kò sí ọ̀kan tó ń tàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ẹ má jẹ́ ká fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ká ní ọkọ̀ kan ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, eré tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí eré rárá. Ọkọ̀ yẹn ń rin bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí awakọ̀ bá rí ènìyàn, ó máa ń gba tó ìṣẹ́jú àáyá kan kí ọpọlọ tó sọ fún ẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó tẹ bíréèkì. Mítà 14 ti lọ nìyẹn. Lórí títì tó gbẹ, bíréèkì tó dára á tún lo bíi mítà 14 kí ọkọ̀ tó dúró. Àpapọ̀ jẹ́ mítà 28. Lórí títì tó tutù, bíréèkì yẹn kan náà nílò bíi mítà 25, àpapọ̀ wá di nǹkan bíi mítà 39. Tí táyà bá ti jẹ, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo wá ni iná ọkọ̀ ṣe ń ríran jìnnà tó? Àwọn tó ń ṣe ìpolongo ààbò ojú pópó nílẹ̀ Yúróòpù máa ń sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ tó wọ aṣọ dúdú kì í hàn ju bíi mítà 25 lọ sí awakọ̀ tó rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn tún jẹ́ lálẹ́ tí kò sí òjò, tí gíláàsì iwájú ọkọ̀ sì mọ́. Ní tiwa, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni ike iná iwájú wọn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò jáde dáadáa mọ́. Àwọn mìíràn sì ti ra gílóòbù funfun olówó pọ́ọ́kú kì sínú ilé iná tí kò bá a mu, ó ń fọ́ni lójú, kò sì tan ọ̀nà.

Ẹ wá so ó pọ̀. Awakọ̀ rí obìnrin náà ní mítà 25. Mítà 14 ti lọ kó tó tẹ bíréèkì. Ó ku mítà 11, bẹ́ẹ̀ ó nílò 25. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ náà máa kọlù ú, eré tó kù lára rẹ̀ á sì tó bíi kìlómítà 37 ní wákàtí kan. Awakọ̀ yìí kò mutí o. Kò tẹ fóònù. Ó kàn ń wa ọkọ̀ bí gbogbo wa ṣe ń wà á ni.

Ká wá ní eré 30 ló ń sá. Ó ń rin mítà 8 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó tẹ bíréèkì, mítà 8 lọ. Bíréèkì lórí omi á gba bíi mítà 9. Àpapọ̀ jẹ́ mítà 17. Ó máa dúró, mítà mẹ́jọ á sì ṣẹ́kù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 50 àti 30 nìyẹn. Mo rò pé ohun tó gba ọmọ yẹn là lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé ọkọ̀ pọ̀ díẹ̀, awakọ̀ náà kò ráyè sáré tó 50. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ tí a máa ń bú ló gba ẹ̀mí là.

Òfin fi pátákó àti iná ojú pópó sí ọwọ́ ẹnìkan náà

Ẹ jẹ́ ká wá wo òfin. Abala 7 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló sọ̀rọ̀ nípa ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí òfin ìpínlẹ̀ máa gbé fún wọn gbọ́dọ̀ ní àwọn tí a kọ sínú Àfikún Kẹrin nínú. Tí ẹ bá ṣí Àfikún Kẹrin yìí, ẹ ó rí ìlà méjì tí kò jìnnà síra wọn. Ọ̀kan sọ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣe ojú ọ̀nà àti àdúgbò, iná ojú pópó, àti gọ́tà, kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn. Èkejì sọ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa darí pátákó ìpolówó tí a gbé síta.

Ẹ wò ó dáadáa. Pátákó tó ń fọ́ awakọ̀ lójú, iná òpó tí kò tàn, àti gọ́tà tó dí tí omi fi lé obìnrin yẹn wọ inú títì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìwé òfin fi sí ọwọ́ ìjọba kan náà. Mi ò rò pé èèṣì ni. Ẹni tó ń gba owó lórí ohun tó ń mú ojú títì lẹ́wà ló yẹ kó máa tọ́jú ojú títì náà.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Ìpín méjèèjì ti yà. Ní Èkó, òfin ọdún 2006 dá àjọ LASAA sílẹ̀, àjọ ìpínlẹ̀ ni. Òun ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ pátákó, títí kan pátákó orúkọ tí oníṣòwò gbé sára ilé ara rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá náà ti ní irú àjọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ pé wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá mọ Èkó ṣáájú 2006 mọ̀ pé pátákó ń gorí ara wọn nígbà náà. Ìpínlẹ̀ sì ní àwíjàre: tí àjọ kan ṣoṣo bá ń gba owó náà, oníṣòwò kò ní máa san án fún ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè òfin náà kò tíì lọ. Lọ́dún 1998, nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ Knight, Frank & Rutley àti ìjọba Kánò, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ìpínlẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ díde owó orí ilé aládàáni ṣe, nítorí pé ìwé òfin ti gbé e fún ìjọba ìbílẹ̀. Owó ilé ni ẹjọ́ yẹn dá lé, kì í ṣe pátákó, ṣùgbọ́n inú Àfikún kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ náà tún dá a lẹ́jọ́ pé ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, kí owó tó ń bọ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà.

Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún ìdájọ́ 2024 yẹn. Ohun tí a kò béèrè ni pé owó tí kò ti Àbújá wá ńkọ́? Owó tí pátákó ń mú wọlé ládùúgbò, ta ló ń gbà á, kí ló sì ń padà wá sí ojú títì tí pátákó náà dúró lé? Tí alága ìjọba ìbílẹ̀ bá sọ fún yín pé iná òpó kì í ṣe ti òun, pé ìpínlẹ̀ ló ń tọ́jú àwọn tó wà ní títì ńlá, ó lè jẹ́ òótọ́. Tí ìpínlẹ̀ bá ní ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, ó lè tọ́ka sí ìwé òfin. Tó bá jẹ́ títì ìjọba àpapọ̀ ni, àwọn náà á dá sí i. Nígbà tó bá kan gbígba owó, a mọ ẹni tó ni pátákó. Nígbà tó bá kan títan iná, òpó di ọmọ òrukàn.

Ṣé owó ni kò sí ni?

Èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé iná ti wọ́n. Lóòótọ́ ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele kìíní sókè láti bíi ₦68 sí ₦225 fún ẹyọ kan. Òpó tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tàn sì nílò dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin náà mọ iye tí jálá kan jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan síbẹ̀síbẹ̀. Mú títì tó gùn tó 900 mítà, kí òpó kan wà ní gbogbo mítà 30. Òpó 30 nìyẹn. Tí òpó kọ̀ọ̀kan bá lo gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná, tó jẹ́ wáàtì 100, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì mẹ́ta. Tó bá tàn láti aago méje alẹ́ di aago méje àárọ̀, wákàtí 12, ó jẹ ẹyọ iná 36. Tí a bá fi ₦225 ti oṣù Kẹrin ọdún 2024 yẹn ṣírò ẹyọ kan, ₦8,100 lóru kan. Lóṣù kan, ₦243,000.

Tó bá jẹ́ gílóòbù àtijọ́, àwọn tó ń tàn ní àwọ̀ ọsàn, tó jẹ́ wáàtì 250, kílówáàtì méje àti ààbọ̀ ni. Ẹyọ 90 lóru, ìyẹn ₦20,250. Nítorí náà, gílóòbù tí wọ́n lò ṣe pàtàkì ju ariwo pé iná wọ́n lọ. Owó iná nìkan ni mo ṣírò o. Òpó, wáyà, àtúnṣe àti àwọn olè tó ń gé wáyà tún wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ₦243,000 lóṣù fún títì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan kì í ṣe owó tó yẹ kí ìjọba kankan sọ pé òun ò ní, pàápàá lórí títì tí pátákó mọ́ọ̀lù, báńkì àti ilé oúnjẹ ti ń sanwó lọ́dọọdún.

Mọ́ọ̀lù ńkọ́?

Àwọn kan á ní kí a di ẹ̀bi ru mọ́ọ̀lù. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀. Lábẹ́ òfin, ẹni tó ni ilé tàbí tó ń ṣàkóso rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú àlejò tó wọ inú ọgbà rẹ̀. Tí ẹ bá yọ̀ ṣubú nínú mọ́ọ̀lù nítorí omi tí wọn kò nù, ẹ lè ní ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ojúṣe yẹn sábà máa ń parí sí ẹnu géètì. Ìdí nìyẹn tí ibi ìgbọ́kọ̀sí fi mọ́ bí ọ̀sán, tí títì tó wà níwájú géètì sì dúdú. Ibi tí iná parí sí ni òfin parí sí.

Ohun kan wà tí mọ́ọ̀lù kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ o: ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tó ń jáde wá sí títì. Pátákó oní-sikíríìnì tó ń yí àwòrán padà ni mò ń bá wí jù. Irú sikíríìnì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ gan-an kí ó tó hàn lójú oòrùn, ó lè ju kàńdẹ́là 5,000 lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó yẹ kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé kí ó má ju 300 lọ lálẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Tí ẹ̀rọ yẹn bá bàjẹ́, tàbí tí wọn kò rà á rárá, sikíríìnì á máa tàn bí ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Kò le. Ẹ wo ilẹ̀. Tí pátákó bá yí àwòrán padà láti dúdú sí funfun, tí gbogbo títì sì mọ́lẹ̀ lójijì pẹ̀lú rẹ̀, wọn kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá gbé ojú kúrò lára rẹ̀, tí àmì rẹ̀ ṣì wà nínú ojú yín fún ìgbà díẹ̀, wọn kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ojú awakọ̀ náà nílò irú ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó ríran padà, ẹ sì rántí pé mítà 14 ni ìṣẹ́jú àáyá kan ń gbé lọ.

Tí ọkọ̀ náà kò bá dúró ńkọ́?

Mo ti ro èyí láti alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ká ní ọkọ̀ náà kọlù wọ́n. Awakọ̀ ni ọlọ́pàá máa mú, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹjọ́ á dá lé ọ̀rọ̀ eré àsápajúdé. Kò sẹ́ni tó máa pe òpó mẹ́fà tí kò tàn wá jẹ́rìí.

Tí ẹbí obìnrin náà bá tiẹ̀ fẹ́ pe ìjọba lẹ́jọ́, ohun méjì máa dúró sí wọn lọ́nà. Àkọ́kọ́, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún wọn ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ẹjọ́. Ẹni tó fọ́ egungun ẹsẹ̀ lè má tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé. Èkejì, òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ya ẹni tó ṣe iṣẹ́ ní àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Tí ìjọba bá gbẹ́ kòtò sójú títì tí wọn kò dí i, ẹ lè mú wọn. Tí wọ́n bá fi òpó sílẹ̀ láìtan iná, ẹjọ́ yẹn le ju èyí lọ. Ó wá dà bíi pé àìṣiṣẹ́ ní ààbò ju iṣẹ́ tí kò dára lọ.

Nítorí náà, mi ò rò pé ilé ẹjọ́ ni ká kọ́kọ́ gbójú lé. Inú ìwé àṣẹ pátákó ni mo rò pé àtúnṣe wà. Àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ lè kọ ohun méjì sínú rẹ̀ láìṣe òfin tuntun: iye ìmọ́lẹ̀ tí pátákó kò gbọ́dọ̀ kọjá lálẹ́, àti pé kí apá kan nínú owó pátákó ilé ìtajà ńlá lọ tààrà sí títan iná títì tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò á ráhùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀ ni, ojú títì oníbàárà wọn ló sì máa tàn.

Kí a tó dé ibẹ̀, ìbéèrè wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín lè béèrè. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 sọ pé ilé iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ ní kò kan àwọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ó kàn wọ́n. Ẹ kò nílò lọ́yà láti kọ ọ́, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹ dárúkọ títì kan, ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ta ló ni iná òpó tó wà níbẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, èló sì ni pátákó tó wà lórí títì yẹn mú wọlé lọ́dún tó kọjá. Èmi ti kọ tèmi nípa títì yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹnì kan má baà ní ẹlòmíì ni kí n lọ bi.

Obìnrin yẹn kò sọdá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó padà wá jókòó sórí pèpéle mọ́ọ̀lù, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù. Awakọ̀ náà gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá bá wọn, ó ní òun máa gbé wọn délé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó gbà. Nígbà tí ọkọ̀ wọn ń lọ, mo gbìyànjú láti fi ojú sìn wọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n kúrò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ pátákó tí mi ò fi rí wọn mọ́, àfi iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nínú omi.